Mo ti pín ọjà sí A, B, C, síbẹ̀ kíkà ń pa mí, ọ́ìlì sì ń dín

Olùtọ́jú Ẹrù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ gbà mí. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù pátì ọ̀kadà kan ní Ìṣọ̀kùn, Iléṣà níbí. Oríṣi ọjà 340 ló wà lọ́wọ́ mi, ọ̀gá sì ní kí n máa ka gbogbo wọn lóṣooṣù. Ẹsẹ̀ mi ti wú. Ìyàwó ọ̀gá á tún wá jókòó tì mí, á ní ṣé bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn. Wọ́n ní bí èèyàn bá pín ọjà sí A, B, C, kíkà á dín kù. Mo ti pín in. Àwọn A ni mo ń kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ẹ́ńjìnnì odidi, táyà, bátìrì. Àmọ́ ọ́ìlì ń dín, ọmọ tó ń tajà ni mo sì fura sí. Aago mẹ́wàá ló ń dé síbi iṣẹ́, kò sì ní ìtìjú. Ṣé kí n sọ fún ọ̀gá kí wọ́n lé e?

Ìyá Oògùn, Lágere
Èmi rò pé èyí tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́ ló yẹ kó jẹ́ A. Oògùn ni mo ń tà ní Ifẹ̀, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti ń parí lọ ni mo máa ń gbé síwájú. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni?

Baba Káàdì
Ìyá, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa tà á, ṣùgbọ́n A, B, C kò mọ̀ nípa ọjọ́ ìparí. Owó tó gba ara ọjà kan kọjá láàárín ọdún ló ń wò. Ọmọ mi Olùtọ́jú, kí lo fi pín tìrẹ? Kọ mẹ́wàá síbí ká rí i: iye tí ẹ fi ra ẹyọ kan, kì í ṣe iye tí ẹ ń tà á, àti iye tó jáde lóṣù 12.

Ọmọ Ọwá
Kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọjà 100, 20 tó wà lókè ni A. 340 nìyẹn, 68 ni tìẹ. Ka 68 yẹn, kí o fi ìyókù sílẹ̀.

Olùtọ́jú Ẹrù
Owó ẹyọ kan ni mo fi pín in, sà. Ṣé kì í ṣe ohun tó wọ́n jù ló yẹ kéèyàn ṣọ́ ni? Ẹ́ńjìnnì kan, 180,000 náírà! Àwọn mẹ́wàá náà nìyí, owó ẹyọ kan ló ṣáájú:
Ẹ́ńjìnnì 180,000, 2 ló jáde. Táyà ẹ̀yìn 18,000, 200. Bátìrì 15,000, 40. Ṣéènì pẹ̀lú eyín rẹ̀ 9,000, 150. Ọ́ìlì 4,000, 120. Túùbù 2,500, 300. Ṣúù bíréèkì 1,800, 250. Pọ́lọ́ọ̀gì 1,000, 400. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì 900, 200. Gílóòbù 500, 100.

Baba Káàdì
Ó dáa. Sọ owó di púpọ̀ ní iye tó jáde. Ẹ́ńjìnnì tí ò ń kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, 360,000 péré ni lọ́dún. Táyà jẹ́ 3,600,000. Túùbù tó jẹ́ 2,500 lásán jẹ́ 750,000, ìlọ́po méjì ẹ́ńjìnnì. Bátìrì 600,000, ọ́ìlì 480,000. Nítorí náà táyà àti ṣéènì ló síwájú, túùbù tẹ̀ lé wọn, ọ́ìlì bọ́ sí àárín. Ẹ́ńjìnnì méjì, ojú ni a fi ń kà á láti ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ Ọwá, 20 yẹn kì í ṣe òfin o. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bá ni. Owó ni kí ẹ máa kó jọ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tó bá ti tó bí 80 nínú 100 ni A parí sí, ì báà jẹ́ ọjà 30 tàbí 70. Láti ibẹ̀ dé nǹkan bí 95 ni B.

Aláṣirò
Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lo fi ń ṣe é, fi owó ẹyọ sí òpó B, iye tó jáde sí òpó C. Òpó D ni owó ọdún, òpó E sì ni ìpín owó tó ti kó jọ láti òkè wá. Tò ó láti orí èyí tó tóbi jù kí o tó ṣe E, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ E á máa parọ́:

```
D2: =B2*C2
E2: =SUM(D$2:D2)/SUM(D$2:D$341)
```

Àti pé, ọ́ìlì yẹn ń yà mí lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀bù tó ta táyà 200 kò lè ta ike ọ́ìlì 120 péré. Kí ni 120 yẹn?

Olùtọ́jú Ẹrù
Páálí ni. Bí ó ṣe wà lórí káàdì nìyẹn. 4,000 ni ike lítà kan, ike 12 ló wà nínú páálí.

Aláṣirò
Hàà!

Baba Káàdì
O ò ṣe sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀? O fi iye páálí lu owó ike. 120 lọ́nà 12 jẹ́ ike 1,440, owó rẹ̀ sì jẹ́ 5,760,000. Òun gan-an ló wà lókè gbogbo wọn. Owó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wá di 13,500,000. Ọ́ìlì, táyà àti ṣéènì nìkan kó 79 nínú 100, àwọn ni A. Túùbù, bátìrì, ṣúù àti pọ́lọ́ọ̀gì ni B. Ẹ́ńjìnnì, wáyà, gílóòbù ni C. Kí o tó fọwọ́ kan 330 tó kù, rí i pé ohun tí ẹ fi ń ka ọjà ni ẹ fi ń ka owó rẹ̀.

Báwo lo ṣe wá ń ka ọ́ìlì tó dín yẹn?

Ọmọ Ọwá
Èmi ò ní fi ẹ́ńjìnnì sí C láéláé. Bí ọ̀kan bá lọ, owó oṣù èèyàn mélòó nìyẹn?

Aláṣirò
Tì í mọ́ inú yàrá, kó jẹ́ ẹnì kan ló ní kọ́kọ́rọ́. Kíkà kọ́ ló ń dí olè lọ́wọ́.

Ọmọ Ọwá
Èmi á ṣì fi ọwọ́ gbé e sí A. Ẹyọ méjì, ìṣẹ́jú kan ni.

Olùtọ́jú Ẹrù
Baba, káàdì ní páálí 9. Mo ka páálí 7 tó dì, ike 4 sì wà nílẹ̀. Mo kọ 7, mo sì tún káàdì ṣe sí 7. Ọmọ yẹn ní òun ń kọ ẹyọ tí òun bá tà sínú ìwé kékeré kan, pé bí páálí bá tán ni òun máa ń mú un wá sórí káàdì. Mi ò ka ìyẹn sí.

Baba Káàdì
Ìwọ náà ló dá ara rẹ lóró. Páálí 9 jẹ́ ike 108. 7 àti ike 4 jẹ́ 88. Ike 20 ló yàtọ̀, kì í ṣe páálí méjì. Lọ wo ìwé kékeré yẹn kí o tó pe ẹnikẹ́ni ní olè. Má sì tún káàdì ṣe mọ́ kí o tó rí ìdí. Bí o bá ti tún un ṣe, ìdí náà ti sọnù nìyẹn. Láti òní, ike ni kó wà lórí káàdì. Àárọ̀, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ni kí o máa kà, nítorí ọjà tí wọ́n ń tà lọ nígbà tí ò ń kà á kò lè dọ́gba.

Ti ẹsẹ̀ rẹ tó wú: ká ní nínú 340 náà, 40 bọ́ sí A, 80 sí B, 220 sí C. Ka A lóṣooṣù, B lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, C lẹ́ẹ̀kan. 480, 320, 220: kíkà 1,020 lọ́dún. Bí ó ṣe wà yìí, 4,080 lò ń kà. Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá tó 300, oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni láàárọ̀ kan.

Ìyá Oògùn, Lágere
Ẹ jọ̀ọ́, ti oògùn ńkọ́? Àwọn kan wà tí n kì í tà tó mẹ́wàá lọ́dún, àmọ́ bí wọn ò bá sí nílẹ̀, wàhálà ni.

Aláṣirò
Ìyá, C ni wọ́n nípa owó, ṣùgbọ́n ẹ fi àmì mìíràn sí wọn lára, kí ẹ máa wo iye tó kù nílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Olùtọ́jú Ẹrù
Mo ti wo ìwé kékeré náà. Ike 19 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó tà wọ́n. Ọ̀kan ni kò sí. Túùbù mẹ́ta tún dín, ìyẹn ò sí nínú ìwé kankan. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún ọ̀gá. Ọmọ náà ṣì ń pẹ́ dé o.