"A ti rọ gáàsì sí i" àti "a ti dí ibi tó ń jò"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kọ ìwé pélébé tí a máa lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì àlòkù tí a tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ni Yorùbá ń pè ní rifọ́bíṣìdì àti wọ́ráńtì? Ohun tí mo kọ nìyí: Àtúnṣe ni. A ti dán an wò. A ti rọ gáàsì tuntun sí i. Ìdánilójú oṣù mẹ́ta."

Olùkọ́ Yorùbá, Ọ̀yọ́: "Àtúnṣe" nìkan kéré. Bí wọ́n bá yí wáyà kan péré padà, àtúnṣe náà ni. Mo dá "àyẹ̀túnṣe" lábàá: ohun tí a yẹ̀ wò látòkè délẹ̀ kí a tó tún un ṣe. "Ìdánilójú" dára fún wọ́ráńtì. Ti gáàsì kò ṣòro, bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́ ó ń dín kù bí ọ́ìlì mọ́tò, a sì ń rọ òmíràn sí i.

Ìyá oníyìnyín: Ẹ dákun, ṣé fíríìjì yẹn máa ń dì dáadáa? Èmi ra fírísà kan lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní àwọn ti rọ gáàsì sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ọ̀rá omi mi kò dì mọ́. Mo padà lọ, wọ́n tún rọ òmíràn, wọ́n gbowó. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta mo fi í ṣe àpótí aṣọ.

Bàbá alátùn-únṣe: Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ọ̀rọ̀ yín gan-an ló yẹ kí ọmọ wa fi kọ ìwé rẹ̀. Olùkọ́, ẹ má bínú: gáàsì fíríìjì kì í jó tán, kì í sì í gbó. Inú páìpù tí a dí pa ló ń yí ká, èyí tí wọ́n rọ sí i ní ilé iṣẹ́ lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún. Bó bá ti dín kù, ó ń jò níbì kan. Nítorí náà, "a ti rọ gáàsì tuntun" láìsọ ibi tó ti ń jò, ìkìlọ̀ ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀kan tí mo ṣe. Ó ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, apá kan ibi tí yìnyín ti ń dì nìkan ló ń tutù. Mo fi atẹ́gùn náítírójìn sínú páìpù rẹ̀, mo po ọṣẹ, mo fi ń pa ojú gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Lẹ́bàá fílítà ló ti ń hó. Mo jó o padà, mo pààrọ̀ fílítà, torí bí a bá ti ṣí páìpù, ọ̀rinrin á wọ ọ́. Mo fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde títí kò fi kù, kí n tó wọn gáàsì R134a lórí ìwọ̀n, iye gíráàmù tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ń fojú díwọ̀n yóò rọ ọ́ jù.

Olùkọ́ Yorùbá: Mo gbà. Ṣùgbọ́n "a ti dán an wò" ńkọ́?

Bàbá alátùn-únṣe: Kí ni ẹ fi dán an wò, fún wákàtí mélòó? Tèmi, mo tàn án fún wákàtí 24, tẹmọ́mítà wà nínú rẹ̀. Òkè dé ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo, ìsàlẹ̀ dúró ní 4. Mo tún fi owó náírà sáàárín ìlẹ̀kùn, mo pa á dé, mo fà á: ó yọ gbọ̀ọ̀rọ̀, ni mo bá pààrọ̀ rọ́bà.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé o, Bàbá. Ìdánilójú ńkọ́?

Bàbá alátùn-únṣe: Ọkàn oníbàárà ni ìdánilójú ń gbé, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó tajà. "A dúró fún" ni mo máa ń kọ, kí n sì sọ ohun tí mo dúró fún. Kọ ọ́ báyìí:

*Fíríìjì àlòkù, ìlẹ̀kùn méjì. Ó ń jò lẹ́bàá fílítà: a jó o, a pààrọ̀ fílítà, a wọn gáàsì R134a sí i. Rọ́bà ìlẹ̀kùn tuntun ni. Kọ̀mpurẹ́sọ̀ àtìbẹ̀rẹ̀ ni, a kò pààrọ̀ rẹ̀. A tàn án fún wákàtí 24: òkè 18 nísàlẹ̀ òdo, ìsàlẹ̀ 4. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ họ díẹ̀. A dúró fún kọ̀mpurẹ́sọ̀ àti ibi tí a jó fún oṣù 3 láti ọjọ́ tí ẹ gbé e: a ó tún un ṣe láìgba owó iṣẹ́ tàbí ti gáàsì. A kò dúró fún un bí iná tó pọ̀ jù bá jó o láìsí sìtẹ́bíláísà, tàbí bí ẹlòmíràn bá ti ṣí i.*

Olùkọ́ Yorùbá: Ẹ kò lo "àyẹ̀túnṣe" níbẹ̀.

Bàbá alátùn-únṣe: Ta ni yóò béèrè rẹ̀ ní Tákíè?

Olùkọ́ Yorùbá: Kò sẹ́ni tó ń béèrè "tòkunbọ̀" náà nígbà kan rí.

Ìyá oníyìnyín: Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ọṣẹ wo lẹ pò? Fírísà yẹn ṣì wà nílé.