Ẹsẹ̀ wọn ti balẹ̀

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí àwọn oníbàárà mi fi ń léfòó, tí mo bá fi kọ̀ǹpútà gbé wọn sórí aṣọ ẹ̀yìn tí mo fọwọ́ kùn?”

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyẹn. Mo ti rí i ṣe, ẹ ṣeun gan-an. Ẹni tó sọ pé aṣọ aláwọ̀ ewé tí mo fi sẹ́yìn wọn nígbà tí mo ń yà wọ́n ló fà á rí apá kan: àwọ̀ rẹ̀ ti ràn mọ́ léèsì funfun ìyá ìyàwó, àfìgbà tí mo ní kí ìyá fi mítà 2 jìnnà sí i. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń léfòó.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n wo òjìji ló là mí lójú. Láti ọdún tí mo ti kun aṣọ ẹ̀yìn yẹn, ọ̀tún ni òjìji òpó inú rẹ̀ wà, iná sítúdíò mi sì ń ti ọ̀tún wá! Mo gbé iná sí òsì. Mo kun òjìji sábẹ́ bàtà wọn lórí léyà ọ̀tọ̀, mo sọ ọ́ di `Multiply`, mo fa `Opacity` wá sí 45, mo fi `Gaussian Blur` rọ etí rẹ̀. Ibi tí gìgísẹ̀ ti kan ilẹ̀ gan-an ni mo jẹ́ kó dúdú jù.



Irun àwọn ọmọdé ṣì ń gé ṣákaṣàka létí. Mi ò tíì borí ìyẹn.