Ìdánwò ìrántí tí wọ́n ṣe fún màmá mi: 15 nínú 30. Ṣé kí n gbà á bẹ́ẹ̀?

Ìyá Tóbi
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn.

Màmá mi ti lé ní ọdún 75. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá bá wa ní Ìlú Ọba níbí, ó ti pé ọdún mẹ́rin. Wọn ò lọ sílé ìwé rí. Aṣọ òfì ni wọ́n tà láyé wọn, orí ni wọ́n sì fi ń ṣírò gbogbo owó ọjà. Láìpẹ́ yìí, wọ́n máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan, ni dókítà bá ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò ìrántí. Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní MMSE ni wọ́n ṣe fún wọn ní oṣù kejì, ògbufọ̀ sì wà lórí fóònù. Wọ́n gba 15 nínú 30. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nọ́ọ̀sì mìíràn tún un ṣe, ó jẹ́ 16. Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sọ pé ẹni tí kò bá tó 24, ó ṣeé ṣe kó ní àrùn ìgbàgbé, pé èsì méjèèjì sì bára mu.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n bi wọ́n pé ìgbà wo nínú ọdún la wà. Màmá wo ojú fèrèsé, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn ni." Nọ́ọ̀sì kọ òdo. Wọ́n gbé bébà àti gègé fún wọn pé kí wọ́n kọ gbólóhùn kan, ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Màmá yí bébà náà sọ́tùn-ún sósì, wọ́n rọra dá a padà sórí tábìlì, wọ́n sì wò mí. Ìwò yẹn ò kúrò lójú mi.

Ṣé kí n gba èsì yìí gbọ́?

Alàgbà Ṣẹ́gun
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Tóbi. Mo bá ilé iṣẹ́ ńlá kan ṣe ètò ìgbanisíṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdánwò ò sì ṣàjèjì sí mi. Ohun tí a kọ́kọ́ ń wò ni pé bí ẹni méjì bá dán ẹnì kan wò lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣé èsì wọn á súnmọ́ra? 15 àti 16 súnmọ́ra gan-an. Ó fi hàn pé nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ò ṣìṣe, ìdánwò náà sì ṣeé gbára lé. Mo mọ̀ pé ó dùn yín, ṣùgbọ́n ẹ gbà á, kí ìtọ́jú lè tètè bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà! Ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, wọ́n fi àwòrán han ọmọ mi ọkùnrin nílé ìwé, kó máa pe orúkọ wọn lédè Òyìnbó. Yorùbá nìkan là ń sọ nílé nígbà náà. Wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ ò yá. Mo jókòó tì í fún oṣù mẹ́ta, mo kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí wọ́n bi í, nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ó gbà á tán. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún màmá. Ẹ kọ́ wọn ní déètì, ọdún, orúkọ ilé ìwòsàn, kí ẹ tó padà lọ.

Ọmọ Ìdíkàn
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má kọ́ wọn o. Màá padà sórí ìyẹn.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ọpọlọ ni mò ń ṣe báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ni mí nígbà tí mo bá wọn kiri ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, tí a ń fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò nípa àrùn yìí gan-an. Alàgbà, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, ìparí rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Bí ẹni tó ń ta gàrí bá ti tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́wàá, iye kan náà ni yóò máa já sí. Kóńgò yẹn ò yí ohùn padà, síbẹ̀ gàrí rẹ̀ ò pé. Pé èsì bára mu, ọ̀tọ̀ ni. Pé ohun tí a ní à ń wọ̀n gan-an la wọ̀n, ọ̀tọ̀ pátápátá ni.

Ìyá Tóbi, ṣé wọ́n kọ máàkì ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sínú lẹ́tà yín? Ẹ jẹ́ ká rí i.

Ìyá Tóbi
Wọ́n kọ ọ́, ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló wà lọ́wọ́ mi.
Ọjọ́ àti ìgbà, 2 nínú 5: wọ́n mọ ọjọ́ tí a wà láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n mọ oṣù, wọn ò mọ déètì àti ọdún, wọ́n sì ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí a wà, 3 nínú 5: wọn ò mọ orúkọ ẹkùn ìpínlẹ̀ àti àjà tí a wà nínú ilé náà. Kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ mẹ́ta pè, 3. Kí wọ́n pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, òdo nínú 5. Kí wọ́n rántí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ìṣáájú, 2. Orúkọ nǹkan méjì, 2. Kí wọ́n tún gbólóhùn Òyìnbó kan sọ, òdo. Kí wọ́n mú bébà, kí wọ́n ká a, kí wọ́n gbé e sílẹ̀, 3. Ìwé kíkà, kíkọ, àti yíya àwòrán onígun márùn-ún méjì tó wọnú ara wọn: òdo, òdo, òdo.

Ọmọ Ìdíkàn
Ẹ ṣeun. Máàkì 15 ló sọnù. Ẹ bá mi kà á.

Pípe lẹ́tà sẹ́yìn, 5. Kíkà, kíkọ àti yíya àwòrán, 3. Gbólóhùn Òyìnbó, 1. Ìyẹn ti di 9, kò sì sí èyí tó rọrùn fún ẹni tí kò di gègé mú rí, tó sì jẹ́ pé ògbufọ̀ ló ń bá a túmọ̀ Òyìnbó, bí orí rẹ̀ ṣe wù kó pé tó. Ẹ fi "ẹ̀ẹ̀rùn" kún un, tó jẹ́ pé ní oṣù kejì, ó tọ̀nà n'Ísẹ́yìn. Ẹ fi orúkọ ẹkùn ìpínlẹ̀ kún un. 11 rèé. Mẹ́rin péré ló kù tó lè sọ nǹkan fún wa nípa ìrántí wọn: déètì, ọdún, àjà ilé, àti ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́ta.

Alàgbà, ẹ wá wo ìdí tí èsì fi bára mu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sọ ẹni tí kò kàwé di ẹni tó kàwé. Ohun tó ba èsì náà jẹ́ lọ́jọ́ kìíní, òun náà ló tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ní 1975 ni wọ́n gbé ìdánwò yìí jáde ní Amẹ́ríkà, ẹni tó sì lọ sílé ìwé ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n kó èsì àwọn ará Amẹ́ríkà tó ju 18,000 lọ jọ ní 1993, bí a bá to èsì wọn láti kékeré dé ńlá, ẹni tó bọ́ sí àárín gan-an nínú àwọn tó lo ọdún mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé ìwé gba 29. Láàárín àwọn tí kò ju ọdún mẹ́rin lọ, 22 ni. Ẹ rí i pé 22 ti wà lábẹ́ 24 tí wọ́n kọ sí yín. Ó ju ìdajì irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ tí ìlà yẹn máa pè ní aláìsàn.

Alàgbà Ṣẹ́gun
Hẹn-ẹn. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí, ó sì kàn mí, torí mo ti fi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ dá àwọn ènìyàn padà sílé. Ṣé kò wá ní tó kí wọ́n kàn tú u sí Yorùbá dáadáa, tàbí kí wọ́n fi máàkì mélòó kan ta ẹni tí kò kàwé lọ́rẹ?

Ọmọ Ìdíkàn
Títú nìkan ò tó. Ìwé tí ẹ tú sí Yorùbá, ìwé náà ni ẹni tí kò kàwé ò ní lè kà. Fífi máàkì kún un máa ń ran ni lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó? 22 yẹn, èsì ará Amẹ́ríkà ni, tí ẹlòmíràn nínú wọn sì lo ọdún mẹ́rin nílé ìwé. Kì í ṣe ti ìyá oníṣòwò tí kò wọ kíláàsì rí. Bí ẹ bá fi kún un jù, ẹni tí àrùn ti mú lóòótọ́ á bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀.

Ohun tí a ṣe n'Ìdíkàn ni mo mọ̀ dájú. Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀súntókun àti Ògúnníyì ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ń darí rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn ti Indianápólísì l'Amẹ́ríkà sì ń ṣe é láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú wọn. Ìdánwò tí a lò kò béèrè kíkà tàbí kíkọ, apá kejì rẹ̀ sì jẹ́ ìbéèrè fún ọmọ tàbí ìbátan ẹni náà. A ò wá yá ìlà ẹnikẹ́ni lò. Láti inú àwọn tó ṣe dáadáa, àwọn tó wà láàárín àti àwọn tí kò ṣe dáadáa, a mú lára wọn, dókítà sì yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní. Ibẹ̀ la ti mọ iye máàkì tó ń tọ́ka sí àìsàn láàárín *àwọn ènìyàn yẹn*. Lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàíyéwu àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi igi ìṣáná rọ́pò yíya àwòrán: wọ́n á to igi ìṣáná fún màmá, wọ́n á ní kó to tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń yẹra fún gègé á mú igi ìṣáná, á tò ó láìjanpata.

Bí ẹ bá padà lọ, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ìdánwò tí wọ́n ń pè ní RUDAS. Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe é, nítorí àwọn tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ọjà rírà ni wọ́n ń fi dán ìrántí wò níbẹ̀: tíì, òróró, ẹyin, ọṣẹ. Òun náà ní kùdìẹ̀kudiẹ tirẹ̀, torí wọ́n ṣì ń ní kí ènìyàn ya àwòrán àpótí.

Ìyá Ìbejì, ìdí tí mo fi ní ẹ má kọ́ wọn nìyí: bí màmá bá ti há déètì àti ọdún sórí, a ti ba díẹ̀ tó kù nínú máàkì mẹ́rin yẹn jẹ́. Ti ọmọ yín yàtọ̀, èdè ló kù fún un láti kọ́. Èyí, àìsàn là ń wá.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ó yé mi. Ẹ má bínú. Mo rò pé kí wọ́n ṣáà ti yege ni.

Ìyá Tóbi
Ọkàn mi balẹ̀ gan-an. Ìyẹn ni pé kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan?

Ọmọ Ìdíkàn
Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ìdánwò tí kò bá ènìyàn mu kò lè sọ pé ó ń ṣàìsàn, kò sì lè sọ pé ara rẹ̀ dá. Mo ti rí ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì tó gba 28, tí kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ni ìbéèrè kù sí lọ́wọ́. Ẹ má wo bóyá wọ́n ń dáná tàbí wọ́n ń fọṣọ, torí n'Ìdíkàn, ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dà wá láàmú: ọmọ àti ìyàwó ọmọ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún àgbà. Ẹ wo ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ tí ọwọ́ wọn ò tó mọ́. Kí ni màmá fi ń lo orí wọn?

Ìyá Tóbi
Àjọ. Obìnrin 22 ni wọ́n ń gba àjọ lọ́wọ́ wọn n'Ísẹ́yìn, láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tí owó rẹ̀ dín rí. Nígbà tí wọ́n dé ibí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ tàwọn ìyá ìjọ wa, ẹni mẹ́jọ péré.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe akápò wọn báyìí. Ó ní òun ò fẹ́ sọ ọ́ kó má baà dójú tì wọ́n, pé láti ìgbà Kérésì, ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá ti kó owó fún ẹni tó ti gbà tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ìdíkàn
Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀, pẹ̀lú oṣù tó ṣẹlẹ̀. Ẹ mú un lọ fún dókítà, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àti etí wọn wò pẹ̀lú, torí àìgbọ́ràn dáadáa náà máa ń jọ ìgbàgbé. Fún èmi, ẹni mẹ́jọ tó ṣòro fún ẹni tó ti di 22 mú rí wúwo ju 15 yẹn lọ.

Ìyá Tóbi
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa padà lọ. Akápò ní òun á bá wa lọ.