Owó oṣù lé sí i, ayọ̀ rẹ̀ kò tọ́jọ́

Bàbá Tòmíwá, Ìbàdàn: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Lóṣù Kẹta ọdún tó kọjá, owó oṣù mi kúrò ní ₦120,000, ó di ₦260,000. Lálẹ́ ọjọ́ tí àlááàtì wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka òǹkà náà. Mo fi ra ẹ̀rọ amúlétutù. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń sùn, àbíkẹ́yìn wa á fa aṣọ borí bí ìgbà tí ọyẹ́ dé. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, ariwo ẹ̀rọ náà nìkan ni mò ń gbọ́. Àfi tí wọ́n bá mú iná lọ ni mo tó ń rántí pé mo ní i, inú á sì bí mi. Ṣé èmi nìkan ni?

Ìyá Ìbejì: Náírà ló já wálẹ̀ jàre. Owó ìgbà yẹn kọ́ ni ti ìsinsìnyí.

Olùkọ́ Sàíkọ́lọ́jì: Ìyá Ìbejì, ẹ ò jayò pa pátápátá o, ṣùgbọ́n òtútù ẹ̀rọ náà kò já wálẹ̀. Ojú ló ti mọ́ ọn. Lọ́dún 1978, Brickman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí lórí èèyàn 22 tó jẹ owó ńlá nínú lọ́tìrì ní Illinois, l'Amẹ́ríkà. Inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ju ti àwọn tí kò jẹ nǹkan kan. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé oúnjẹ àárọ̀, ẹ̀fẹ̀ àti ìtàkúrọ̀sọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kò dùn mọ́ wọn tó bó ṣe ń dùn mọ́ àwọn yòókù. Òṣùwọ̀n wọn ti ga. Àmọ́ èèyàn 22 kéré. Ìwádìí tí wọ́n wá ṣe ní Swídìnì lẹ́yìn náà, lórí ọ̀pọ̀ èèyàn tó jẹ lọ́tìrì, fi hàn pé ayé wọn ṣì ń tẹ́ wọn lọ́rùn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ká ti ẹnu wá sọ pé ayé ń tẹ́ni lọ́rùn yàtọ̀ sí kínú èèyàn máa dùn lójoojúmọ́.

Ọmọ Mówè: Èmi kó lọ sílé oníbàlùwẹ̀ mẹ́ta. Kò pé oṣù mẹ́fà tí mo gbàgbé pé bàlùwẹ̀ kan ṣoṣo là ń lò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí tí mò ń jáde nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ọdún mẹ́ta rèé, kò tíì mọ́ mi lára.

Olùkọ́ Sàíkọ́lọ́jì: Òótọ́ ni. Òní fúyẹ́, ọ̀la le, ara kò rí i bá mu.

Alákọ́bẹ̀rẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́ sà, hóòsì mélòó lẹ̀rọ yín? Yàrá mi kéré.

Bàbá Tòmíwá, Ìbàdàn: Hóòsì kan ni. Ẹ má gbé àpótí ìta rẹ̀ sí ojú fèrèsé bíi tèmi. Olùkọ́, ẹ gbọ́ o: ẹ̀rọ náà bàjẹ́ fọ́jọ́ mọ́kànlá, Sátidé ni wọ́n gbé e dé. Àbíkẹ́yìn tún faṣọ borí, èmi gan-an rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mélòó lẹ rò pé ayọ̀ yìí á lò?

Ìyá Ìbejì: Èló ni wọ́n gbà láti tún un ṣe?