Ọ̀pá abẹ́ awọ àti oògùn HIV: kí lojú yín ti rí?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá. Mo fẹ́ sọ ohun tójú mi rí, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín. Lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì ni mo lọ ṣe ìfètòsọ́mọbíbí. Jádẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi sí mi lápá, ọ̀pá méjì tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, wọ́n ní yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún. TLE ni mò ń lò fún HIV nígbà yẹn, èyí tí a máa ń gbé mì lálẹ́, tó máa ń fún èèyàn ní àlákálàá. Kò tíì pé ọdún méjì tí oyún fi dé. Mo fọwọ́ tẹ apá mi wò, ọ̀pá méjèèjì wà níbẹ̀, ọ̀kankan ò kúrò nípò rẹ̀. Ọkọ mi ní wọn ò fi sí i dáadáa, ìyá ọkọ mi ní iṣẹ́ àwọn ayé ni.

Ọmọ yẹn ti ń lọ síléèwé báyìí, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò ní kòkòrò náà, mo dúpẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé yàrá tí mo ti ń gba oògùn àti yàrá tí wọ́n ti fi ọ̀pá sí mi lápá, ògiri kan ló là wọ́n láàárín, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó béèrè oògùn tí mò ń lò. Ní báyìí, TLD ni wọ́n ń fún mi. Mi ò fẹ́ bímọ mọ́, ọkọ mi ò sì fẹ́ gbọ́ ti rọ́bà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo ọ̀pá pẹ̀lú TLD, báwo ló ṣe rí?

Abọ́sẹ̀dé, Ìkòròdú
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Oògùn HIV àti ọ̀pá apá kì í bára wọn gbé rárá, ìbáà jẹ́ TLE, ìbáà jẹ́ TLD. Ọ̀rẹ́ mi kan ní láti yọ tiẹ̀. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ni mò ń gbà láti ìgbà tí mo ti wà lórí TLE, oyún ò dé rí. Nǹkan oṣù mi kì í wá mọ́ lóòótọ́, mo sì sanra díẹ̀, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba abẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Òṣogbo
Abọ́sẹ̀dé, òótọ́ lo sọ nípa abẹ́rẹ́. Èròjà inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí TLE ò fi lè rí i ṣe, tí o bá ṣáà ń lọ gbà á lásìkò. Àmọ́ ti ọ̀pá yẹn, kì í ṣe gbogbo oògùn HIV ló ń bà á jẹ́. Ẹfafírẹ́ńsì inú TLE ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀dọ̀ á sì máa tú èròjà tó ń jáde láti inú ọ̀pá ká kó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pá ń tú èròjà sílẹ̀, kò ní ju ìyẹn lọ tó lè fún ara. Ní Ùgáńdà, wọ́n tẹ̀ lé ogún obìnrin tó ń lo Jádẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ẹfafírẹ́ńsì. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti àwọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV, mẹ́ta nínú wọn sì lóyún kí ọdún kan tó pé. Ìyá Ìbejì, ẹni tó fi ọ̀pá sí yín lápá ò jẹ̀bi, kò sì sí ọwọ́ ayé kankan níbẹ̀.

Dólútégráfíà inú TLD kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀dọ̀. Ẹ wo ara ìgò oògùn yín. Tí ẹ bá rí 300, 300 àti 50, TLD ni. Tí ẹ bá rí 600 tàbí 400 níbẹ̀, ẹfafírẹ́ńsì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí TLE, kó fi rọ́bà kún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, torí agbára rẹ̀ kì í kúrò lára lọ́jọ́ kan.

Bàbá Ọlá, Ìlọrin
Ẹ ṣeun mà. Èmi àti ìyàwó mi la jọ ní in. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ọ̀pá apá rẹ̀ lè sọ oògùn HIV di aláìlágbára, kí kòkòrò tún pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀? Ẹ̀rù ti bà mí, mo ti ní kó lọ yọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Òṣogbo
Rárá o, ẹ má jẹ́ kó yọ ọ́. Oògùn HIV ló lè ṣe ọ̀pá lọ́ṣẹ́, ọ̀pá ò lè ṣe oògùn HIV ní nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wo ìgò ìyàwó yín ná.

Rónkẹ́, Lọ́ńdọ̀nù
Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà níbí, nígbà tí mo ṣì ń lo ẹfafírẹ́ńsì. Rọ́bà ya mọ́ wa lọ́wọ́, mo bá sáré lọ ra oògùn pàjáwìrì, èyí tí a ń lò láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Oníṣègùn ilé oògùn náà béèrè gbogbo oògùn tí mò ń lò, mo sì sọ fún un láìfi pamọ́. Ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń fún àwọn tó kù ló fún mi. Ó ní èyí tó dájú jù ni kí n lọ fi kọ́pà sí ilé ọmọ kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, torí kọ́pà ò ní èròjà tí ẹ̀dọ̀ fẹ́ tú ká. Mo lọ fi í sí. Ó ṣì wà lára mi títí di òní.

Àdùkẹ́, Abẹ́òkúta
Tèmi yàtọ̀. TLD ni mò ń lò, ọ̀pá kan ṣoṣo tó ń lo ọdún mẹ́ta ló sì wà lápá mi, kò fún mi ní wàhálà kankan. Ni ikọ́ ife bá dé. Wọ́n fún mi ní rìfáńpísì, wọ́n sì ní kí n máa lo dólútégráfíà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì kan ní rìfáńpísì náà máa ń ṣe bíi ti ẹfafírẹ́ńsì, pé kí n yọ ọ̀pá. Dókítà ní kí n fi í sílẹ̀, kí n máa fi rọ́bà kún un títí oògùn ikọ́ yóò fi tán, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lé e. Ti dókítà ni mo tẹ̀ lé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Òṣogbo
Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ nípa rìfáńpísì, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ti yíyọ ọ̀pá yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu àwa tá a ń ṣiṣẹ́ náà kì í ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Tí ọkọ bá gbà láti máa lo rọ́bà ní gbogbo ìgbà, èmi náà á ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Tí kò bá gbà, kọ́pà ni mà á dábàá.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Olúwa á san án fún yín, Nọ́ọ̀sì. 50 ló wà lára ìgò mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán. Ẹ̀rù kọ́pà ń bà mí, torí ẹ̀jẹ̀ oṣù mi máa ń pọ̀, mo gbọ́ pé ó máa ń fi kún un. Ọ̀pá náà ni màá tún fi sí. Ṣùgbọ́n mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú. Ṣé kò ní fa nǹkan?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Òṣogbo
Kò ní ṣe ọ̀pá ní nǹkan kan. TLD ni kí ẹ ṣọ́. Irin máa ń di dólútégráfíà mú nínú ikùn, kì í jẹ́ kó wọ ara. Ẹ lo TLD ní wákàtí méjì kí ẹ tó lo oògùn ẹ̀jẹ̀, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ìyẹn bá ṣòro, ẹ jẹun, kí ẹ sì lo méjèèjì pọ̀ mọ́ oúnjẹ náà. Kálísíọ̀mù náà rí bẹ́ẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé, Ìkòròdú
Mo ti gbọ́ mà. Mà á bi ọ̀rẹ́ mi léèrè oògùn tó ń lò nígbà tí wọ́n yọ tiẹ̀. Àmọ́ ọ̀dọ̀ wa níbí, abẹ́rẹ́ nìkan ló máa ń wà, kì í pẹ́ tí ọ̀pá fi ń tán. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i ní Ìkòròdú?