Ìdáhùn òfin mi ti wọnú ara wọn: báwo ni mo ṣe máa ya ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, òfin, ìlò àti àbájáde sọ́tọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Òfin ni mò ń kà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọdún àkọ́kọ́ ni mo wà. Olùkọ́ dá iṣẹ́ òfin àdéhùn mi padà. Ohun tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni pé mo mọ òfin, ṣùgbọ́n òun kò rí ibi tí mo ti lò ó. Ó ní kí n tún un tò kí n tó fi sílẹ̀.

Ìbéèrè náà rèé. Lọ́jọ́ Ajé, Túndé kọ lẹ́tà sí Kẹ́mi pé òun fẹ́ ta mọ́tò òun fún un ní £4,000. Lẹ́tà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ yẹn náà, Kẹ́mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè pé, "Ṣé ẹ lè gbà kí n san án lẹ́ẹ̀mejì?" Túndé kò fèsì. Lọ́jọ́ Rú, Túndé fi lẹ́tà mìíràn ránṣẹ́ pé òun ò tà mọ́. Lọ́jọ́ Bọ̀, kí lẹ́tà yẹn tó dé, Kẹ́mi ju lẹ́tà tirẹ̀ sínú àpótí póòsù pé òun rà á ní £4,000. Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà Túndé dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣé àdéhùn wà láàárín àwọn méjèèjì?

Ohun tí mo kọ nìyí:

"Hyde v Wrench sọ pé ẹni tó bá fi iye mìíràn lọ ẹni tó ń tajà ti pa ìfilọ̀ àkọ́kọ́, Kẹ́mi sì béèrè nípa owó, àmọ́ nínú Stevenson v McLean ìbéèrè lásán kò pa á, nítorí náà ìfilọ̀ Túndé ṣì wà, Adams v Lindsell sì sọ pé lẹ́tà ìgbọjà ti múlẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́, Byrne v Van Tienhoven náà bá a mu, torí náà àdéhùn wà."

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti gé e?

Ọmọ Tíṣà

Àbúrò, ètò tí wọ́n ń pè ní áírákì ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹ. Kò le rárá. Kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ sókè, kó gbogbo òfin tẹ̀ lé e, kó gbogbo ìlò tẹ̀ lé òfin, kí o wá fi àbájáde kan ṣoṣo parí ẹ̀. Ìpínrọ̀ mẹ́rin péré. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn, mo sì yege.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí jọ tèmi. Èmi náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún ẹnì kan pé mo rà á ní iye tó pè é, ó ní kò burú, kí n máa bọ̀ wá gbé e. Kí n tó dé ibẹ̀, ó ti tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ wò ó, ṣé mo lè pè é lẹ́jọ́?

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà

Àbúrò mi, mo ti ka iṣẹ́ rẹ. Ẹjọ́ tó yẹ ni o mú, àbájáde rẹ náà sì ṣeé gbè lẹ́yìn. Ètò nìkan ló dàrú, ó sì ṣeé tún ṣe láì kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Tíṣà, òótọ́ ni pé apá mẹ́rin ló wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá wà nílẹ̀ ló ní mẹ́rin tirẹ̀. Bí wọ́n bá kó gbogbo òfin jọ sókè, nígbà tí ẹni tó ń kà á bá fi máa dé ibi ìlò, ó ti gbàgbé èwo ló wà fún èwo. Ètò ìpínrọ̀ mẹ́rin lè gbe ìbéèrè tó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èyí ní méjì.

Ohun tí kò jẹ́ kí olùkọ́ rẹ rí wọn nìyẹn. Àkọ́kọ́ ni bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti pa ìfilọ̀ Túndé. Èkejì ni èwo ló kọ́kọ́ múlẹ̀, lẹ́tà tí Túndé fi ní òun ò tà mọ́ tàbí lẹ́tà tí Kẹ́mi fi ní òun rà á. Gbólóhùn kan ṣoṣo lo fi dáhùn méjèèjì. Gé e láàárín, níbi tó o ti kọ "ìfilọ̀ Túndé ṣì wà". Àbájáde ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ìpínrọ̀ yẹn ti parí.

Lẹ́yìn náà, fi orúkọ dán gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wò. Tó bá jẹ́ òfin lò ń sọ, kò yẹ kí orúkọ Túndé tàbí Kẹ́mi wà nínú ẹ̀, torí òfin náà ti wà kí wọ́n tó bí wọn. Tó bá jẹ́ ìlò, orúkọ ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ṣe tàbí tó sọ gan-an, àti "nítorí pé". Wo gbólóhùn rẹ yìí: "Kẹ́mi sì béèrè nípa owó." Orúkọ wà, ìṣẹ̀lẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí "nítorí pé". Kò so mọ́ òfin kankan. Ibẹ̀ ni máàkì rẹ ti bọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ìdánwò orúkọ yẹn yé mi. Àmọ́ tí mo bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹjọ́ Hyde, òfin nìyẹn àbí ìlò? Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà

Òfin ni, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó gùn. Lọ́dún 1840, ẹnì kan fẹ́ ta oko ní £1,000, oníbàárà ní £950 lòun máa san, ẹni tó ni oko kọ̀ ọ́. Oníbàárà padà wá pé òun gba £1,000, kóòtù ní ìfilọ̀ yẹn ti kú. Gbólóhùn kan tó ìyẹn. Lọ́dún 1880, nínú Stevenson, irin ni wọ́n ń tà. Oníbàárà tẹ wáyà láti béèrè bóyá wọ́n lè fún òun láyè lórí ìgbà tí wọ́n máa kó irin náà wá. Kóòtù ní ó kàn ń béèrè ni, kò kọ ohunkóhun. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni òfin tó o nílò: ṣé ó kọ ìfilọ̀ tó sì fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, àbí ó kàn béèrè?

Wá gbé Kẹ́mi sáàárín wọn. "Ṣé ẹ lè gbà" ló sọ, kò sọ pé "àfi kí n san án lẹ́ẹ̀mejì". Kò sì fọwọ́ kan £4,000. Ìyẹn sún un mọ́ Stevenson. Ṣùgbọ́n gbọ́ ti Túndé náà. Ó lè ní ẹni tó bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀ ti yí àdéhùn padà, torí owó tí a san lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe owó tí a san lẹ́ẹ̀mejì. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o wá sọ ìdí tí o fi rò pé kò borí: Kẹ́mi kò fi í ṣe dandan. Nígbà tí ìlò bá gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni olùkọ́ tó máa rí i.

Àdùkẹ́ Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ kí n bu omi là á o. Lọ́dọ̀ wa níbí, tí wọ́n bá ní ká kọ àbá ìmọ̀ràn fún lọ́yà àgbà ní ọ́fíìsì, àbájáde la kọ́kọ́ máa ń gbé síwájú. "Ó ṣeé ṣe kí àdéhùn wà," ká tó wá sọ òfin. Ẹni tó ń kà á kò ráyè dúró títí di ìparí. Ṣé kò ní dára kí àbúrò ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà

Àdùkẹ́, ìyẹn dára fún ọ́fíìsì. Fún iṣẹ́ ilé-ìwé, ọwọ́ olùkọ́ ló kù sí. Àwọn kan fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó rìn dé àbájáde lójú wọn. Èmi ò lè sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ló tọ̀nà.

Ọmọ Tíṣà

Ó dáa, mo gbà pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Àkọlé kékeré ńkọ́? Èmi máa ń kọ "Òfin", "Ìlò", sókè ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìyẹn náà kò dára ni?

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà

Kò burú nínú ìwé àkọ́kọ́ tí o fi ń dán ara rẹ wò. Nínú èyí tí o máa fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ràn kó jẹ́ àkọlé: "Ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ Kẹ́mi pa ìfilọ̀?" Àwọn olùkọ́ kan kì í fẹ́ àkọlé rárá, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Tiyín yàtọ̀ sí ti Kẹ́mi, torí lẹ́tà àti wáyà ayé àtijọ́ ni òfin ìgbà-tí-a-fi-ránṣẹ́ yẹn wà fún. Fún ọ̀rọ̀ tó ń dé lójú ẹsẹ̀, bíi ti tẹlifóònù, ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ni. Bó sì ti fèsì pé "kò burú" yẹn, ó ti gbọ́. Ẹ má pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Ẹ kó wọn lọ bá lọ́yà tó wà nítòsí yín kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Mo ti gbìyànjú ọ̀rọ̀ kejì. Ẹ bá mi wò ó:

"Èkejì ni bóyá Túndé ti fa ìfilọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kí Kẹ́mi tó gbà á.

Níbi tó bá ti bójú mu kí ènìyàn lo póòsù, ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ìgbọjà ránṣẹ́ ló múlẹ̀: Adams v Lindsell, 1818. Ìfàsẹ́yìn kò rí bẹ́ẹ̀, àfi tó bá dé ọwọ́ ẹnì kejì. Nínú Byrne v Van Tienhoven, 1880, wọ́n fi ìfàsẹ́yìn ránṣẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀wàrà, oníbàárà ní òun gba ìfilọ̀ náà ní ọjọ́ 11, lẹ́tà ìfàsẹ́yìn sì dé ní ọjọ́ 20. Kóòtù ní àdéhùn ti wà.

Kẹ́mi fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Bọ̀. Ó bójú mu kó lo póòsù nítorí pé lẹ́tà ni Túndé fúnra rẹ̀ fi bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́tà Túndé kò dé títí di ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà ó ti pẹ́ jù.

Ó ṣeé ṣe kí àdéhùn ti wà láti ọjọ́ Bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà

Ó ti yàtọ̀ pátápátá! Ojú lásán ni mo fi rí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nǹkan méjì péré ló kù. "Nítorí náà ó ti pẹ́ jù" jẹ́ àbájáde tó yọ́ wọnú ìlò. Kọ ọ́ báyìí: "Lọ́jọ́ Bọ̀, Kẹ́mi kò tíì mọ̀ pé Túndé ti yí ọkàn padà, nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ ṣì wà lọ́nà." Èkejì, Túndé lè sọ pé Kẹ́mi ti lo àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ló tún gbé e dé orí lẹ́tà? Dá a lóhùn nínú ìlò, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ póòsù yẹn gan-an.