Fáàtì jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù: ìpín oṣù Iléyá ni àbí ti ọdún?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Balógun, ní Erékùṣù Èkó, ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. A máa ń gba fáàtì 7.5% lórí aṣọ àgbà, ṣùgbọ́n òfin yọ nǹkan ọmọ ọwọ́ sílẹ̀. Fáàtì tí mo san lórí aṣọ àgbà tí mo rà, mo yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú èyí tí mo máa san fún ìjọba. Ti báàgì tí a tẹ̀ fún ọjà ọmọ ọwọ́ nìkan, mi ò fọwọ́ kàn án.

Jẹnẹrétọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Mílíọ̀nù 4 náírà la rà á lóṣù Iléyá, fáàtì rẹ̀ jẹ́ 300,000, ọjà méjèèjì ló sì ń lò ó. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 ti jẹ́ ká lè gba irú èyí padà, àmọ́ kìkì ìpín tó kan ọjà tó ní fáàtì.

Lóṣù yẹn, a ta mílíọ̀nù 30, aṣọ àgbà kó 24 níbẹ̀: ìdá 80 nínú 100. Ìyẹn á fún mi ní 240,000. Ṣùgbọ́n láti January, ìdá 60 péré ni, tó já sí 180,000. Ọdún Iléyá ló kàn gbé títà aṣọ lọ sókè! Mo tiẹ̀ wọn àyè ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wò láti fi pín in, mo pa á tì. Pámpá máa ń gba àyè ju owó tó ń mú wá lọ.

Ọjọ́ 21 oṣù ni ìwé gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ìpín oṣù tí mo rà á ni kí n lò, àbí ti àpapọ̀ oṣù?

Ẹ ṣé púpọ̀ ṣáájú.